Kábéèjì tútù náà kò pupa: kí ni àyẹ̀wò pẹrọ́sídéésì ń sọ gan-an?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ni mí níbí ní Abẹ́òkúta. Nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe wa, wọ́n ní ká bọ kábéèjì, ká sì fi àyẹ̀wò pẹrọ́sídéésì wò ó bóyá bíbọ̀ náà tó. Gbogbo túùbù mi ni kò yí àwọ̀ padà, títí kan ti kábéèjì tútù tí n kò bọ̀ rárá. Mo wá kọ ọ́ pé bíbọ̀ ti tó, ẹ́ńsáìmù ti kú tán. 4 nínú 20 ni wọ́n fún mi. Níbo ni mo ti ṣìnà? Olùkọ́ wa tún sọ pé pẹrọ́sídéésì gan-an kọ́ ló ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ òun la ń wá?*

Inú túùbù kábéèjì tútù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Kábéèjì tí iná kò tíì kàn kún fún pẹrọ́sídéésì. Bí o bá da gúáyákọ́lì àti hídírójìn pẹrọ́sáìdì sí omi rẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó yẹ kó ti pupa rúsúrúsú. Bí kò bá pupa, má ṣe rò pé kábéèjì náà ni kò ní ẹ́ńsáìmù. Ọ̀kan nínú kẹ́míkà rẹ ló ti bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ pé o gbàgbé láti dà á sí i. Láti ìgbà tí túùbù tútù ti kọ̀ tí kò pupa, kò sí ohun tí àwọn túùbù yòókù lè sọ fún ọ mọ́, ì báà jẹ́ èyí tí o bọ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú tàbí èyí tí o bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí olùmáàkì ń retí kó kà níbẹ̀ ni pé àyẹ̀wò náà kò ṣeé gbà, pé wàá pààrọ̀ kẹ́míkà, wàá sì tún un ṣe. Ẹni tó kọ bẹ́ẹ̀ lè gba àmì tó pọ̀ láìrí àwọ̀ pupa kankan lójú. Ìwọ kọ òdìkejì rẹ̀, ohun tó sì bà ọ́ lórúkọ jẹ́ nìyẹn.

Mo máa padà sórí bí a ṣe ń mọ kẹ́míkà tó ti kú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ kejì ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú, torí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí bíbọ̀ wà fún kò ní mọ ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá.

Nínú ìwé ìdánwò, àwọn ọmọ máa ń to ìdí mẹ́fà tàbí méje tí a fi ń bọ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, bí ẹni ń ka orúkọ ọjà. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kó má sì dáhùn ìbéèrè. Ìdí tí a fi ń bọ ẹ̀fọ́ wà lọ́wọ́ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe lẹ́yìn náà. Bí a bá fẹ́ gbé e sínú fírísà, ẹ́ńsáìmù ni ìdí àkọ́kọ́. Òtútù kì í pa ẹ́ńsáìmù. Ní −18°C pàápàá, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nínú ẹ̀fọ́ tó ti dì gbagidi. Ẹ̀fọ́ tí a kò bọ̀ lè wà ní fírísà fún oṣù mélòó kan, kí a tó yọ ọ́, kó ti máa rùn bíi koríko gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá, fítámì Sí inú rẹ̀ á sì ti dín kù púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ sá gbẹ, nítorí ní wákàtí àkọ́kọ́ nínú ẹ̀rọ ìgbẹ̀fọ́, ooru ibẹ̀ kò tó pa ẹ́ńsáìmù, ṣùgbọ́n ó tó láti mú un yára.

Ti inú agolo yàtọ̀. Agolo tí a bá sè nínú ìkòkò aláfẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi 121°C ti gba ooru tó ju èyí tí ẹ́ńsáìmù ẹ̀fọ́ lè fara dà lọ. Níbẹ̀, ohun tí a ń bọ ẹ̀fọ́ fún ní pàtàkì ni láti lé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ewé jáde, kó má baà fún agolo láti inú, kí ewé sì rọ̀ kó wọ agolo ní ìwọ̀n tó yẹ. Bí ìbéèrè bá sọ pé ẹ̀fọ́ inú agolo, tí o sì fi pípa ẹ́ńsáìmù ṣe ìdí kìn-ín-ní, àmì ti ń lọ nìyẹn. Àwọn àǹfààní yòókù, bíi kí yẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò tí ojú kò rí dín kù lára ewé, kí àwọ̀ ewé sì mọ́ sí i, tẹ̀ lé e ni. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣáájú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kọ, tí inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i nínú ìwé ọmọ kan: kí a bọ ẹ̀fọ́ ní àbọ̀ iṣẹ́ lè burú ju kí a má bọ̀ ọ́ rárá lọ. Nínú ewé tútù, ẹ́ńsáìmù àti ohun tó máa bà jẹ́ kì í sábà wà ní yàrá kan náà. Ooru díẹ̀ á fọ́ ògiri tó pín wọn níyà, kò sì ní pa ẹ́ńsáìmù. Wọ́n á wá pàdé ara wọn, iṣẹ́ ìbàjẹ́ á sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi nílò àyẹ̀wò. Ojú lásán kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ewé tó rọ̀ àti ewé tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti kú. Àwọ̀ ewé tó mọ́ yòò lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú nínú omi gbígbóná kì í ṣe ẹ̀rí kankan, torí afẹ́fẹ́ tó jáde kúrò láàárín ewé ló ń fa ìyẹn.

Olùkọ́ rẹ sọ òótọ́. Èyí tó ń fa òórùn koríko gbígbẹ yẹn jù ni ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ ọ̀rá inú ewé, tí a ń pè ní lipọ́síjinéésì. Òmíràn ń mú kí ojú ibi tí a gé dúdú, òmíràn ń jẹ fítámì Sí. Pẹrọ́sídéésì náà lè lọ́wọ́ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ẹ̀bi. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí a ń wá ni pé ó le ju gbogbo wọn lọ níwájú ooru. Ó dà bí àlejò tó máa ń kẹ́yìn kúrò lóde àríyá: bí o bá rí i pé òun ti lọ, kò sídìí láti máa wá àwọn yòókù lábẹ́ àga. Bí ooru bá ti pa pẹrọ́sídéésì, ó ti pa lipọ́síjinéésì ṣáájú, ó sì ti pa kátáléésì náà. Ìdí kejì kò ní àrékérekè kankan nínú: pẹrọ́sídéésì wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀fọ́, a sì lè fi kẹ́míkà méjì péré rí i lójú láìlo ẹ̀rọ olówó ńlá.

Bí àwọ̀ náà ṣe ń jáde nìyí. Pẹrọ́sídéésì máa ń lo hídírójìn pẹrọ́sáìdì, H₂O₂, láti gba hídírójìn lára nǹkan mìíràn. Nínú àyẹ̀wò yìí, gúáyákọ́lì ni nǹkan mìíràn yẹn. Gúáyákọ́lì kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńsáìmù bá ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, mẹ́rin rẹ̀ á so pọ̀ di tẹtiragúáyákọ́lì, tó pupa rúsúrúsú. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pàdé kí àwọ̀ tó jáde: ẹ́ńsáìmù tó wà láàyè, gúáyákọ́lì, àti H₂O₂. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀, kò sí àwọ̀. Wo bó ṣe rí nísinsìnyí: túùbù tí kò pupa lè túmọ̀ sí pé ẹ́ńsáìmù ti kú, ó sì lè túmọ̀ sí pé kẹ́míkà ló kú. Túùbù tútù nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé nínú tirẹ̀ a ti mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù wà.

Èwo ló kú nínú tìrẹ? Bí mo bá máa ta ayò, H₂O₂ ni mo máa fi owó mi lé. Kì í lágbára pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ń fọ́ ọ, ooru ń fọ́ ọ, ìdọ̀tí díẹ̀ tó bá bọ́ sínú ìgò ń fọ́ ọ, ó sì máa di omi àti ọ́síjìn láìsí pé ojú rẹ̀ yí padà. Ìgò tí wọ́n ti ṣí láti sáà tó kọjá, tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé nínú oòrùn Abẹ́òkúta, tàbí tó wà nínú fíríìjì tí iná kì í dúró fún, lè ti di omi lásán. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ra ẹ̀dọ̀ ẹran kékeré lọ́wọ́ alápatà, kán H₂O₂ inú ìgò tí o kò tíì fi omi là sí i lórí. Bó bá wà láàyè, á hó yeeye lójú ẹsẹ̀, torí kátáléésì inú ẹ̀dọ̀ náà ń fọ́ ọ. Bí kò bá hó, wá ìgò mìíràn. Bó bá hó dáadáa ṣùgbọ́n tí túùbù tútù kò pupa síbẹ̀, yí ojú rẹ sí gúáyákọ́lì, tàbí sí bí o ṣe la H₂O₂ náà.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí híhó yẹn, torí ó ń gba àmì lọ́wọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún. Kátáléésì ni híhó ń tọ́ka sí. Àwọ̀ pupa ni ti pẹrọ́sídéésì. Ẹni tó bá kọ pé “túùbù náà hó, nítorí náà pẹrọ́sídéésì ṣì wà” ti da ẹ́ńsáìmù méjì pọ̀. Kátáléésì ń tètè kú ju pẹrọ́sídéésì lọ nínú ooru, nítorí náà ẹ̀fọ́ tí kò hó mọ́ ṣì lè pupa.

Ní ti lílà, kò le, àmọ́ ibẹ̀ ni ìṣòro kejì ti ń wá. 0.08% ni H₂O₂ tí a ń lò. Èyí tí o máa rà nílé kẹ́míìsì sábà máa ń jẹ́ 3%, tí wọ́n ń kọ 10 fọ́lúùmù sí lára, tàbí 6%, tó jẹ́ 20 fọ́lúùmù. Ka ara ìgò kí o tó ṣí i. Bó bá jẹ́ 3%, tí o sì fẹ́ ṣe mílílítà 100, ìsirò rẹ̀ nìyí: 100 lọ́nà 0.08, pín in sí 3, ó jẹ́ mílílítà 2.7. Wọn mílílítà 2.7 yẹn, fi omi dísítíìlì kún un títí dé 100. Bó bá jẹ́ 6%, mílílítà 1.3 ti tó. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ lò ó ni kí o là á, kí o sì fi sínú ìgò dúdú. Àwọn kan máa ń rò pé bí ó bá ṣe lágbára tó ni àwọ̀ á ṣe yọ tó, wọ́n á da 3% sínú túùbù bẹ́ẹ̀. H₂O₂ tó bá pọ̀ jù máa ń ba pẹrọ́sídéésì fúnra rẹ̀ jẹ́. Àwọ̀ lè yọ díẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀, kí o máa rò pé bíbọ̀ rẹ ló dára. Gúáyákọ́lì ní tirẹ̀ jẹ́ 0.5%: mílílítà ìdajì rẹ̀ nínú mílílítà 50 ètánọ́ọ̀lù, kí o wá fi omi dísítíìlì kún un dé 100. Ètánọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ torí pé gúáyákọ́lì kì í fẹ́ yọ́ nínú omi. Bí o bá rí i tó ti pọ́n nínú ìgò, má lò ó.

Ó yá, ká ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé o ra kábéèjì kan ní ọjà Kútọ̀. O bọ́ ewé ìta tó ti rọ dànù, o gé ìyókù wẹ́wẹ́, o sì pín in sí ọ̀nà márùn-ún, gíráàmù 250 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó omi lítà 2 sórí iná fún ìpín kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó hó dáadáa kí o tó da kábéèjì sí i. Ìwọ̀n omi yẹn ṣe kókó. Bí kábéèjì bá pọ̀ jù nínú omi, ooru omi á wálẹ̀, á sì pẹ́ kó tó padà hó. O ó máa ka ìṣẹ́jú lórí ẹ̀fọ́ tó kàn ń wẹ omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí omi kò bá padà hó láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀fọ́ rẹ ti pọ̀ jù.

Ìpín kìn-ín-ní, má bọ̀ ọ́. Bọ àwọn yòókù fún ìṣẹ́jú àáyá 30, 60, 90 àti 120. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá ti pé, gbé e sínú omi oníyìnyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ooru inú ewé á máa bá iṣẹ́ lọ bí o kò bá dá a dúró, àkókò tí o kọ sínú ìwé kò sì ní jẹ́ òótọ́ mọ́.

Mú gíráàmù 20 nínú ìpín kan, gún un nínú odó kékeré pẹ̀lú omi dísítíìlì díẹ̀, kí o sì fi òwú sẹ́ ẹ. Mílílítà 2 omi tó bá sẹ́ yẹn ni kí o dà sínú mílílítà 20 omi dísítíìlì nínú túùbù ńlá. Fi mílílítà 1 gúáyákọ́lì sí i, lẹ́yìn náà mílílítà 1 H₂O₂ tí o là. Dé e, yí i po, kí o sì tẹ aago. Túùbù kejì fún ìpín kan náà máa ní mílílítà 2 omi kábéèjì àti mílílítà 22 omi dísítíìlì nìkan. Òun ni wàá máa fi wé èkíní, kí àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ má baà tàn ọ́ jẹ.

Ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ ni òpin. Bí àwọ̀ bá yọ kí ó tó pé, pẹrọ́sídéésì ṣì wà láàyè. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kí àwọ̀ tó yọ, a kò kà á sí, a ó gbà pé bíbọ̀ náà tó. Ní oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́, wọ́n lè fún yín ní ìwé ìlànà tó ní ìwọ̀n kẹ́míkà tàbí àkókò tó yàtọ̀ díẹ̀. Tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú rẹ, kí o sì kọ ọ́ sínú èsì rẹ, torí àkókò láìsí ìwọ̀n kẹ́míkà kò ní ìtumọ̀.

Jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ èsì kan wò ó. Kábéèjì tútù pupa kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé: kẹ́míkà wà láàyè, a lè gba èsì àwọn túùbù yòókù gbọ́. Ti ìṣẹ́jú àáyá 30 pupa láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20. Ti 60 bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, ó sì hàn gbangba nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 3. Ti 90 kò yí padà títí ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ fi pé, ó wá pọ́n díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5. Ti 120 kò yí padà rárá. Ìdáhùn níbí ni ìṣẹ́jú àáyá 90. Ọ̀pọ̀ ọmọ á rí pọ́npọ́n tó yọ ní ìṣẹ́jú 5, àyà wọn á já, wọ́n á sì yan 120. Kò sí ẹni tó ní kí o máa wò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyókù ẹ́ńsáìmù tó ń lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ni ìlànà náà ti gbà láyè.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán, torí pé kábéèjì tí a gún pa pọ̀ kò sọ ibi tí ooru kò dé. Nínú ewé kábéèjì, igi àárín tó funfun, tó nípọn, ni ooru máa ń dé kẹ́yìn. Mú díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìpín ìṣẹ́jú àáyá 90, fi ọ̀bẹ mímọ́ là á láàárín, kán gúáyákọ́lì àti H₂O₂ sójú ibi tí o là. Bí etí rẹ̀ bá funfun, tí àárín sì pupa ní ìṣẹ́jú 2, o ti rí ohun tí túùbù fi pa mọ́. Ewé ti jinná tó, igi kò tíì tó. Ohun tí èmi máa ṣe ni pé màá gé igi náà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí n sì dúró sórí 90. Bí o bá sún gbogbo rẹ̀ sí 120 nítorí igi, ewé ló máa jìyà: fítámì Sí á máa yọ́ sínú omi, ewé á sì rọ̀ jù. Kọ èyí sínú ìwé rẹ, olùmáàkì á mọ̀ pé o ronú.

Ìṣòro mìíràn tó wọ́pọ̀ ni ti odó àti ọ̀bẹ. Bí o bá gún kábéèjì tútù tán, tí o kàn da omi yí odó náà ká, tí o sì gún èyí tí o bọ̀ sínú rẹ̀, ẹ́ńsáìmù tútù tó lẹ̀ mọ́ odó ti tó láti mú un pupa. Wàá máa bọ ẹ̀fọ́ títí á fi di ọbẹ̀, túùbù á ṣì máa pupa. Àmì rẹ̀ ni pé àwọn èsì kò tẹ̀ léra: ti 60 kò pupa, ti 120 wá pupa. Ìdí nìyí tí ó fi dára láti bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o bọ̀ pẹ́ jù, kí o wá parí rẹ̀ sórí tútù. Bí omi gbígbóná bá wà, fi ṣan odó náà láàárín ìpín kan sí èkejì.

Bó bá jẹ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ugwu ni wọ́n gbé fún yín, àwọ̀ ewé á máa bo pupa mọ́lẹ̀, á sì máa jọ àwọ̀ ilẹ̀. Níbẹ̀ ni túùbù kejì, èyí tí kò ní kẹ́míkà, ti wúlò jù. Gbé méjèèjì síwájú bébà funfun, kí o wò wọ́n pa pọ̀. Ewédú tún ní wàhálà tirẹ̀, torí pé ó ń yọ̀, kò sì ní sẹ́ bọ̀rọ̀. Fi omi kún un kí o tó sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iye omi kan náà ni kí o fi kún ti tútù àti gbogbo ìpín yòókù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kánún sínú omi bíbọ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Lóòótọ́, kánún á jẹ́ kí àwọ̀ ewé mọ́ yòò, ṣùgbọ́n á mú kí ewé rọ̀ jù, á sì ba fítámì jẹ́.

Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ibi tí agbára àyẹ̀wò yìí mọ, ohun méjì ló tó kọ. Àkọ́kọ́ ni pé kò sọ ohunkóhun nípa kòkòrò àìsàn. Túùbù tí kò pupa kò túmọ̀ sí pé ẹ̀fọ́ náà kò ní bakitéríà. Èkejì ni pé bí a bá ń bọ ẹ̀fọ́ títí pẹrọ́sídéésì fi máa kú pátápátá, a lè ti bọ̀ ọ́ jù, nítorí àwọn tó ń bà á jẹ́ gan-an ti kú tipẹ́. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé lipọ́síjinéésì ló yẹ ká máa wá fún àwọn ẹ̀fọ́ kan, kí àkókò bíbọ̀ lè kúrú. Àròyé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ yíyẹ lipọ́síjinéésì wò kò rọrùn bíi kíkán kẹ́míkà méjì sínú túùbù, ìdí nìyẹn tí pẹrọ́sídéésì fi ṣì wà nínú ìdánwò yín.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì máa ń ya ẹni tó gba 15 sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gba 18. Pẹrọ́sídéésì lè jí padà. Purotéènì ni, ohun tí ooru sì ṣe fún un ni pé ó tú bí ó ṣe ká kò. Bí ooru náà bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò pẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè tún ara rẹ̀ ká bíi ti tẹ́lẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ tí kò pupa lónìí lè pupa lọ́la. Bí ìdánwò bá gbà yín láyè, fi díẹ̀ nínú ìpín ìṣẹ́jú àáyá 90 pa mọ́ sínú fíríìjì, kí o sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 24, pẹ̀lú túùbù tútù tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí àyè, kọ ọ́ pé o ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ti 90 bá wá pupa lọ́jọ́ kejì kí ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ tó pé, 90 kò tó mọ́: bọ ìpín tuntun fún 105, dán an wò lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, kí o tó kọ àkókò kankan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì.